Láíbìrì wà lórí ẹ̀rọ, síbẹ̀ línkà ò rí i

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, math.h wà lórí ẹ̀rọ mi, mo sì kọ -lm, àmọ́ ó ṣì ń sọ undefined reference to `sqrt'. Kí ló dé?”

```
gcc -lm igun.c -o igun
```

Àbúrò, ibi tí o kọ -lm sí ni. Ohun tí math.h ń sọ fún kọ́ńpáílà kò ju orúkọ sqrt àti irú nọ́ńbà tó ń gbà lọ. Inú libm, láíbìrì ìṣirò tí -lm ń tọ́ka sí, ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà, línkà tó ń so fáìlì rẹ pọ̀ mọ́ láíbìrì ló sì ń wá a lọ.

Láti òsì sí ọ̀tún ni línkà ń kà. Nígbà tó dé orí -lm, kò tíì sí fáìlì tó béèrè sqrt, Ubuntu sì máa ń fi --as-needed sí i fúnra rẹ̀, èyí tó ní kí línkà mú kìkì láíbìrì tí fáìlì ti béèrè, ló bá pa libm tì. Ìgbà tí igun.c wá béèrè, ó ti kọjá ibẹ̀, kì í sì í padà. Gbé e sẹ́yìn:

```
gcc igun.c -o igun -lm
```

Mo dán an wò níbí ní Tanke pẹ̀lú ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, tí mo ní kó bi mí ní ìwọ̀n méjèèjì. Ó fún mi ní 111.8 láti igun kan sí ìkejì.

Má ṣe fi sqrt(12500.0) dán an wò o. Kọ́ńpáílà lè ṣírò ìyẹn fúnra rẹ̀ kó tó kan línkà, wàá sì rò pé àṣẹ àkọ́kọ́ dára. Tó bá jẹ́ pé láíbìrì ni kò sí lóòótọ́, cannot find -lm lo máa rí.