Mayonéèsì tí a fi ẹyin tútù pò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ń ta ṣàwámà nírọ̀lẹ́, èmi fúnra mi ni mo sì ń po mayonéèsì tí mo ń lò: pupa ẹyin tútù, òróró, fínígà àti iyọ̀. Oníbàárà kan ní inú run òun mọ́jú lẹ́yìn tó jẹ ẹ́. Ẹyin mi kì í bà jẹ́, mo máa ń fi omi yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì máa ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ń jẹ ẹyin tí kò jinná níbẹ̀, kò sì ṣe wọ́n. Ṣé ẹyin ló fà á lóòótọ́? Báwo ni kí n ṣe máa pò ó tí kò fi ní ṣe ẹnikẹ́ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà yín léèrè ìgbà tí inú rírun náà bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àrùn tí à ń bẹ̀rù nínú ẹyin ni salimonẹ́là, kì í sì í tètè fara hàn. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè di ọjọ́ mẹ́fà. Bó bá jẹ́ pé kò ju wákàtí kan lọ tó jẹun tí inú fi ń run ún, ẹ wo ibòmíràn. Bó bá jẹ́ òru mọ́jú lóòótọ́, tí ìgbẹ́ gbuuru àti ibà bá a rìn, ọ̀rọ̀ lè kan ẹyin, àmọ́ ẹran àti kábéèjì inú ṣàwámà náà ò bọ́ níbẹ̀. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ ṣe ń pò ó yẹn, ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kọ́jọ́.

Ìfun adìẹ ni salimonẹ́là ń gbé, kì í sì í sábà ṣe adìẹ náà ní nǹkan kan. Ọ̀nà méjì ló ń gbà dé inú ẹyin. Gbogbo wa la mọ èyí tó jẹ́ ìgbẹ́ adìẹ tó lẹ̀ mọ́ èèpo, tó sì ráyè wọlé láti ojú ihò tíntìntín ara èèpo tàbí ibi tó ti sán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ ìkejì. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹntẹrítídíìsì, tó máa ń wọ ibi tí ẹyin ti ń dàgbà nínú adìẹ. Kí èèpo tó bo ẹyin náà ló ti wà nínú rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe máa fọ ìyẹn kúrò. Kódà, bí omi tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́ bá tutù ju ẹyin lọ, inú ẹyin á sún kì, á sì fa ìdọ̀tí ara èèpo wọlé. Omi tí ẹ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́? Ọjọ́ orí ẹyin nìkan ló ń sọ, nítorí bó bá ṣe ń pẹ́ ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pọ̀, tó fi ń léfòó. Ẹyin tó ní salimonẹ́là nínú lè rì dáadáa, kò ní rùn, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ní yàtọ̀.

Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, kòkòrò tó sì máa ń wà nínú èyí tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé kò tó nǹkan. Funfun ẹyin ń ká a lọ́wọ́ kò, torí kì í jẹ́ kó rí èròjà irin tó fi ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹyin bá pẹ́ nínú ooru, awọ fẹ́lẹ́ tó yí pupa ká á dẹ̀, oúnjẹ inú pupa á máa jò sínú funfun, kòkòrò á rí jẹ, á sì máa bí sí i. Ẹ wá ro kíréètì tó ti wà lójú oòrùn lẹ́bàá títì láti àárọ̀, tí ẹ̀yin náà tún gbé kalẹ̀ nílé. Ẹni tó dín ẹyin kan láìjinná, òun nìkan ló jẹ ẹ́. Àmọ́ tí ẹ bá po mẹ́wàá pọ̀ tí ẹyọ kan ṣoṣo sì ní in nínú, ó ti ran gbogbo abọ́, gbogbo oníbàárà ọjọ́ yẹn ló sì máa jẹ níbẹ̀.

Ẹ lè ní fínígà á pa á. Ohun tó kan ń pa á lóòótọ́, bó bá pọ̀ tó, tó sì pẹ́ lára rẹ̀. Ibi tó ti ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé nínú fíríìjì, fínígà náà kì í tètè pa á. Òtútù tí kò jẹ́ kó bí sí i náà ló ń gbà á lọ́wọ́ fínígà. Nítorí náà, ẹ má fẹ̀yìn tì í.

Ooru ni kí ẹ fẹ̀yìn tì. Bí ẹyin bá ti dé 71°C, salimonẹ́là inú rẹ̀ ti kú. Pupa ẹyin nìkan tí ẹ bá gbé ka iná á dì kó tó débẹ̀, kò sì ní ṣeé po mayonéèsì mọ́. Ṣùgbọ́n bí omi àti ohun kíkan bá wà nínú rẹ̀, ó máa ń gba ooru yẹn mọ́ra. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ fi pupa ẹyin méjì sínú ìkòkò kékeré, kí ẹ fi ṣíbí ìjẹun omi méjì sí i, àti ṣíbí ìjẹun omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà méjì. Ẹ gbé e ka iná tó kéré jù lọ, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró, kí ṣíbí yín máa kan ìsàlẹ̀ àti igun ìkòkò. Fún ìgbà díẹ̀, á dà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ki lójijì, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí, tí ẹ bá fi ìka fa ilà sí i, ilà náà ò ní parẹ́. Bó bá ti ń yọ ìfóòfó lójú kan tàbí méjì báyìí, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá. Ẹ má dúró dìgbà tó máa hó. Tẹmọ́mítà oúnjẹ dára ju ojú lọ, ẹ̀yin tí ẹ ń tà kò sì gbọ́dọ̀ wà láìní in. Bó bá di wóró-wóró bí ẹyin díndín, iná ti pọ̀ jù, ẹ tún òmíràn ṣe.

Jẹ́ kó fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí ẹ wá dà á sínú bílẹ́ńdà pẹ̀lú iyọ̀. Bó ti ń yí, ẹ máa kán òróró sí i díẹ̀díẹ̀, títí kọ́ọ̀pù kan, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 240, fi máa wọlé tán. Ẹ tètè gbé e sínú fíríìjì. Ìwọ̀nba tí ẹ ó lò ni kí ẹ bù jáde, nínú kúlà oníyìnyín, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta; bí oòrùn bá mú ju 32°C lọ, wákàtí kan ni. Ẹ má da tuntun lé àṣẹ́kù inú ike. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ láti àárọ̀ tí yìnyín ò sì sí, ẹ ra mayonéèsì ilé iṣẹ́, torí ẹyin tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́. Àwọn ẹyin tí wọ́n lu òǹtẹ̀ kìnnìún pupa sí lára ní Bìrìtìkó, ara adìẹ tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára salimonẹ́là ni wọ́n ti wá, láti 1998. Lọ́dún 2017, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ níbẹ̀ sọ pé aboyún, ọmọdé àti àgbàlagbà lè jẹ irú ẹyin bẹ́ẹ̀ láìjinná, àfi ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára gidigidi. Òǹtẹ̀ ló ń dáàbò bò wọ́n, ẹyin tí ẹ ń rà lọ́jà wa kò sì ní in.

Ẹyin tó sán tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, tí àwọn kan ń pè ní kíráàkì, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń yan kéèkì. Kò gbọ́dọ̀ wọ mayonéèsì yín, kódà èyí tí ẹ gbé ka iná.