ADF, KPSS àti MAPE nínú pépà lórí owó gàrí

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ADF àti KPSS, tẹ́ẹ̀sì méjì tó ń wò bóyá owó dúró sójú kan, àti MAPE, ìpín nínú ọgọ́rùn-ún tí àsọtẹ́lẹ̀ fi ń ṣìnà, nínú pépà mi lórí owó gàrí?

Kọ ohun tí tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ gbà, ibẹ̀ ló máa ń dàrú: ADF gbà pé owó ò dúró sójú kan, KPSS gbà pé ó dúró. Ká ní p ADF jẹ́ 0.62, tí ti KPSS wà lábẹ́ 0.05, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, pé owó ò dúró, torí náà mú lọ́ọ̀gì owó, yọ ti oṣù tó kọjá kúrò nínú ti oṣù yìí, kó o tún tẹ́ẹ̀sì méjèèjì ṣe. MAPE ní tiẹ̀, oṣù tí módẹ́ẹ̀lì ò tíì rí nìkan ni kó o fi ṣírò ẹ, tí kò bá kéré ju ti ẹni tó kàn sọ pé owó oṣù yìí náà ni ti oṣù tó ń bọ̀, módẹ́ẹ̀lì ò tíì ṣe nǹkan kan o.