Ìbéèrè méjì kí ẹ tó wọ orí ìdá

“Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdá ní praimárì 4. Kí ni kí n kọ́kọ́ bi wọ́n kí n lè mọ ohun tó ti wà nílẹ̀?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní kíláàsì tèmi níbí l'Abẹ́òkúta, ìbéèrè méjì ló máa ń tú àṣírí. Àkọ́kọ́: èwo ló tóbi jù, 1/3 àbí 1/5, kí ló dé? Ọmọ tó bá mú 1/5 “torí 5 ju 3 lọ” ṣì ń ka nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bí ẹní ka owó. Ẹ má fi 2/3 àti 3/4 ṣe é o. Àṣìrò kan náà yẹn á gbé e dé 3/4, ìdáhùn á tọ̀nà, ẹ ò sì ní rí àṣìṣe kankan.

Èkejì: mo ya àwòrán aṣọ àdìrẹ, mo fi ìlà mẹ́ta gé e sí mẹ́rin, àmọ́ apá kan fẹ̀ ju ìyókù lọ. Apá yẹn ni mo kùn. Ṣé 1/4 ni? Ọ̀pọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, torí wọ́n ka mẹ́rin. Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń taṣọ ní Ìtòkú ní, “Rárá o, ẹni tó mú èyí ti rẹ́ wa jẹ!”

Ẹ má fi máàkì sí i, ìdí tí wọ́n kọ ni kí ẹ kà. Àwọn tó bá kọsẹ̀ níbi àdìrẹ, bébà kíká sí ọgbọọgba ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn.