Kó o tó tún òyìnbó wọn tò, kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá tó wà lábẹ́ ẹ̀ ná

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Mo máa ń bá àwọn oníṣòwò tún lẹ́tà òyìnbó wọn ṣe kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà wọn lókè òkun. Yorùbá ni wọ́n ń rò, òyìnbó ni wọ́n ń kọ, ó sì máa ń hàn. Tí mo bá tún un ṣe tán á dùn létí dáadáa, àmọ́ wọ́n á ní kì í ṣe ohun táwọn sọ nìyẹn. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?"

Àbúrò, iṣẹ́ yìí ti fojú mi rí màbo o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é n'Íbàdàn níbí, àwọn tó ń kó gàrí, èlùbọ́ àti òrí lọ sí ìlú ọba ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé lẹ́tà wá bá mi. Gbólóhùn tó ń pani lẹ́rìn-ín kọ́ lo máa bẹ̀rù o. Ìyẹn, òyìnbó á kà á, á rẹ́rìn-ín, á mọ ohun téèyàn ń sọ, á kọjá. Èyí tó yẹ kó o bẹ̀rù ni èyí tó dán mọ́rán, tí kọ̀ǹpútà ò fa ìlà pupa kankan sí lábẹ́, àmọ́ tó jẹ́ pé nǹkan míì pátápátá ló ń sọ fún ẹni tó ń kà á. Àwọn yẹn ni ìwọ náà máa ń kàn dán sí i, wàá wá dán irọ́ láìmọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ẹ pé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn ẹ́. Ìyá kan tó ń ta gàrí ló gbé e wá, kọ́sítọ́mà ẹ̀ kan ní Manchester ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, ẹni yẹn ti ń ráhùn pé ọjà pẹ́. Mo ti yọ orúkọ kúrò:

```
We used to supply 200 bags of gari every month.
We have sent your goods to Lagos since Monday.
It is remaining 40 bags.
All the bags did not spoil. It is rain that caused it.
By the grace of God the balance will go on Friday.
```

Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, kò sí olùkọ́ tó máa fi báírò pupa sí i. Àmọ́ bí òyìnbó bá kà á, ohun tó máa gbọ́ ni pé màmá ti ń kó igba àpò lóṣù rí, kò kó o mọ́. Bẹ́ẹ̀, "a máa ń kó igba àpò lóṣooṣù" ni màmá ní lọ́kàn, ó fẹ́ kí ọkùnrin yẹn mọ̀ pé òun kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí. "Máa ń" tiwa yẹn, títí dòní ló ń sọ àyàfi tá a bá fi "tẹ́lẹ̀" kún un. `used to` ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbé e wọ òyìnbó, ti òyìnbó sì ti parí, ó ti kọjá lọ. Wo ìpalára tó wà ńbẹ̀: kọ́sítọ́mà tó ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀ wá ń kà á pé ẹni tó ń tajà fún òun ti ń palẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ìgbà tó o bá rí i nínú lẹ́tà, bi oní-lẹ́tà léèrè: "Ṣé ẹ ṣì ń ṣe é àbí ẹ ti dúró?" Má fi ọgbọ́n orí ara ẹ dáhùn o, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ti dúró lóòótọ́.

Ìkejì, "a ti kó o láti Mọ́ńdè." Àtúnṣe ẹ̀ rọrùn, wàá kọ pé ó lọ ní Mọ́ńdè, wàá sì fi déètì sí i. Àmọ́ gbọ́ ohun tí "láti" yẹn ń ṣe lẹ́nu màmá, kì í ṣe ọjọ́ nìkan ló ń sọ, ó ń sọ pé ọwọ́ òun ti kúrò ńbẹ̀ tipẹ́, tí ọjà bá pẹ́ kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì mú. Tó o bá kọ déètì lásán, ìyẹn ti dànù. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kó hàn, ó ní kí n fi í sílẹ̀, òun ò fẹ́ bá ọkùnrin náà jà. Ká ní ó fẹ́ ni, à bá fi gbólóhùn kan kún un pé láti Mọ́ńdè yẹn ọjà ti wà lọ́wọ́ ẹ̀jẹ́ńtì l'Ékòó. Òun ló ni lẹ́tà, òun ló ni ìjà.

"It is remaining 40 bags" ni gbogbo èèyàn á sáré tún ṣe torí pé òun ló burú jù létí. Wọ́n á kọ ọ́ pé ogójì àpò ló kù, tán. Ó kù níbo? Ó kù sí ṣọ́ọ̀bù tí a ò tíì rí ẹni rà á ni, àbí ó kù tá a jẹ kọ́sítọ́mà? "Ó ku ogójì" lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì lẹ́nu wa, torí àwa méjèèjì tá a jọ ń sọ̀rọ̀ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó wà ní Manchester ò mọ̀. Gbèsè ni màmá ń sọ, ogójì tí wọn ò tíì kó fún un.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló le jù. Nínú Yorùbá, "gbogbo àpò náà kọ́ ló bàjẹ́" yàtọ̀ sí "gbogbo àpò náà ni ò bàjẹ́." Àkọ́kọ́, díẹ̀ bàjẹ́. Ìkejì, kò sí ẹyọ kan tó bàjẹ́. Tí wọ́n bá dé òyìnbó tán, gbólóhùn kan náà ni àwọn méjèèjì sábà máa ń dà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, o ò sì lè mọ èwo ni nípa wíwo lẹ́tà. Mo ti rí lẹ́tà kan tí ẹlòmíì tún ṣe, "None of the bags" ló kọ síbẹ̀, òyìnbó tó dùn bí oyin, àpò tó bàjẹ́ sì wà ńbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kọ́sítọ́mà yẹn ò bá ẹni náà ṣòwò mọ́ torí ó gbà pé ó parọ́. Lọ́dọ̀ màmá, ìbéèrè mi ò ju "mélòó ló bàjẹ́?" lọ. Ó pe ẹ̀jẹ́ńtì ní Lagos, wọ́n kà á, méjìlá nínú ọgọ́jọ ni omi wọ̀. Tí nọ́ńbà bá ti wọlé, wàhálà "gbogbo" ti tán, torí náà ibikíbi tó o bá ti rí "gbogbo" tó pàdé "kò", wá nọ́ńbà lọ.

"Òjò ló fà á" ńkọ́? "Ló" yẹn ń tọ́ka ni, òjò, kì í ṣe nǹkan míì. Ó wù ẹ́ kó o kọ ọ́ pé òjò ni, kì í ṣe bí a ṣe di àpò. Ó máa dùn lóòótọ́, àmọ́ ṣé màmá sọ bẹ́ẹ̀? Tó bá wá jẹ́ pé àpò yẹn ò ní ọ̀rá nínú, o ti bá a tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi mú un lọ́la. Mo bi í, ó ní ìgbà tí wọ́n ń dì í sínú ọkọ̀ ni òjò dé, ibi tó dúró nìyẹn, ibẹ̀ lèmi náà dúró.

Ní ti "lágbára Ọlọ́run", àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń gé e sọnù kíá pé kò jọ lẹ́tà òwò. Sùúrù o. Àwọn kan ń fi sọ̀rọ̀ lásán, Fúráìdè ni wọ́n sọ, Fúráìdè náà ni. Àwọn míì, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bóyá á ṣeé ṣe bóyá ò ní ṣeé ṣe, ẹnu ò kàn gbà á ni. Tó o bá gé e fún irú wọn, o ti sọ ìrètí di àdéhùn. Màmá ní ọkọ̀ ò tíì dájú, mo bá kọ ọ́ bí ẹni tó ń retí, mi ò kọ ọ́ bí ẹni tó búra. Bó ṣe lọ nìyí:

```
We supply 200 bags of gari every month.
160 of your bags left Ibadan for Lagos on Monday 5 May.
We still owe you 40 bags.
Rain fell while the lorry was being loaded and 12 of the
160 bags got wet. The other 148 are dry.
We expect to send the 40 bags on Friday 9 May.
```

Tí mo bá kọ ọ́ tán, mi ò kì í fún wọn kà. Tó o bá fún wọn, wọ́n á ní ó dáa, torí òyìnbó ẹ ju tiwọn lọ, ojú á tì wọ́n láti bá ẹ jiyàn. Mo máa ń ka òyìnbó yẹn padà fún wọn ní Yorùbá lórí fóònù, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ohun tó wà nínú ìwé gan-an ni o, kì í ṣe ohun tó o ní lọ́kàn nígbà tó ò ń kọ ọ́. Tó o bá lè rí ẹlòmíì tí ò rí lẹ́tà àkọ́kọ́ kó bá ẹ kà á, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n bá ti ní "rárá o, ohun tí mo sọ ni pé..." ni iṣẹ́ kù sí.

Mo tún rántí èyí, nínú ímeèlì ló ti pọ̀ jù. Kọ́sítọ́mà á béèrè pé `Have you not received our payment?`, ẹni wa á dá a lóhùn pé `Yes`. Bẹ́ẹ̀ ni, a ò tíì rí i gbà, ohun tó ń sọ nìyẹn, torí "bẹ́ẹ̀ ni" tiwa ń gbà pẹ̀lú ohun tí oníbèéèrè sọ. Òyìnbó á gbọ́ pé owó ti dé, ẹni méjèèjì á wá máa dúró de ara wọn. Má jẹ́ kí bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá dá dúró láéláé, kọ ọ́ jáde pé a ti rí owó gbà, tàbí a ò tíì rí i.

Àwọn ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Mi ò kì í pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́" á di gbólóhùn kan péré níbẹ̀rẹ̀ pé mo lérò pé àlàáfíà lẹ wà, ó tó. "Ẹ bá wa ṣe sùúrù," bi wọ́n pé títí di ọjọ́ wo, kó o wá fi ọjọ́ yẹn tọrọ ààyè. Ó sì tún kù síbi tí lẹ́tà ń lọ o, tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba l'Ábújá tàbí ọlọ́jà l'Ékòó ni, gbogbo "Sà" àti "Mà" wọn yẹn fi sílẹ̀, ẹni tó máa kà á ń retí ẹ̀, tó o bá yọ ọ́ kúrò wọ́n á ní ẹni náà ya aláfojúdi.

Tí oní-lẹ́tà ò bá gbé fóònù, mi ò kì í méfò. Mo máa fi àlàfo sí ibi tí kò yé mi, màá kọ ìbéèrè ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, màá fi ránṣẹ́ padà sí wọn lórí Wásáàpù, kí wọ́n fi ohùn dá mi lóhùn, torí tí wọ́n bá kọ èsì yẹn, òyìnbó náà ni wọ́n tún máa kọ.