Ògiri àtijọ́ lórí pílíwúùdù

"Ẹ̀yin ọ̀gá, mo kun ògiri búlọ́ọ̀kù àtijọ́ sórí pílíwúùdù fún eré wa. Mo fa gbogbo ìlà rẹ̀, mo tún wọ́n ọ̀dà dúdú sí i kó lè gbó, síbẹ̀ ńṣe ló dà bí ìwé ìṣirò. Kí ni mo ṣe ṣì?"

Ó ṣe mí rí. Pílíwúùdù mẹ́ta ni mo bà jẹ́ n'Ìbàdàn kí ojú mi tó là. Máàkà dúdú ni mo fi fa ìlà tèmi. Olùdarí eré wò ó, ó ní ṣé ọpọ́n dírááfù ni.

Ìlà ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Ojú búlọ́ọ̀kù wa gùn tó ínǹṣì 18, ó ga tó 9, ibi tí búlọ́ọ̀kù méjì ti pàdé sì máa ń bọ́ sí àárín búlọ́ọ̀kù tó wà nísàlẹ̀ wọn. Sìmẹ́ńtì àárín wọn kì í dúdú. Àwọ̀ eérú ni, ó sì wọnú díẹ̀. Fi ọ̀dà eérú kun ìlà náà ní ìwọ̀n ìka kan, kí o wá fa òjìji tínrín sábẹ́ etí búlọ́ọ̀kù tòkè, kí o fi ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ kan etí tìsàlẹ̀. Ní ti ìlà òòró, ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ iná ló máa ń ṣókùnkùn, nítorí náà bi oníná yín léèrè ibi tí yóò gbé iná sí.

Ṣùgbọ́n má ṣe fa ìlà káàkiri. Ògiri tí wọ́n ti rẹ́ kì í fi búlọ́ọ̀kù hàn àfi níbi tí sìmẹ́ńtì ti ṣí, ìsàlẹ̀ ló sì sábà máa ń ṣí, nítorí omi ilẹ̀ ń gòkè sínú ògiri, òjò sì ń ta sí i. Mo máa ń po lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́mìlì mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, màá rẹ́ ẹ sórí pílíwúùdù, màá sì fi ibi tó ṣí sílẹ̀ láìrẹ́. Etí rẹ̀ á nípọn, á sì ní òjìji tirẹ̀.

Àbàwọ́n ló wá kù, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe jù. Mo tẹ́ pílíwúùdù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo da ọ̀dà sí i, ó sì ṣàn kiri bí ọbẹ̀ tó dànù. Gbé e dúró. Po ife ọ̀dà kan mọ́ ife omi márùn-ún, fi omi rin ojú ògiri, kí o jẹ́ kí ọ̀dà náà ṣàn láti igun méjèèjì abẹ́ fèrèsé, torí ibẹ̀ ni omi òjò ti ń já bọ́. Ìdí irin fèrèsé ni ìpẹtà ti ń ṣàn. Ti erùpẹ̀ pupa, láti ilẹ̀ ló ti ń ta: fi ìgbálẹ̀ ta á sókè, kó má kọjá orúnkún púpọ̀. Àbàwọ́n tí o kò bá lè sọ ibi tí omi rẹ̀ ti wá, nù ún kúrò.

Fà sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá, kí o fi fóònù yà á ní dúdú àti funfun. Tí ìlà bá kọ́kọ́ yọ sí ọ kí ògiri tó yọ, fi ọ̀dà eérú tó ṣàn bò wọ́n díẹ̀, kí o tún yà á.