Lẹ́tà sí alágbàtà fún ìpele ọ́púṣọ̀n tó ga

Alágbàtà mi ní Amẹ́ríkà kò gbà kí n ṣe sípírẹ́ẹ̀dì. Kí ni kí n kọ sí i?

Kọ́kọ́ rí i pé àkáǹtì mágínnì lo ní. Láìsí i, ọ̀pọ̀ alágbàtà kì í gbà. Kọ iye ọdún tí o ti ń ṣe ọ́púṣọ̀n àti irú èyí tí o ti ṣe. Ní ti ohun tí o fẹ́ fi í ṣe, fi ìṣirò hàn pé o mọ ewu rẹ̀:

"Mo fẹ́ máa ra púùtù $50, kí n sì ta ti $45, láti dáàbò bo ṣíà mi. Bí sípírẹ́ẹ̀dì náà bá ná mi ní $2 lórí ṣíà kan, àdánù mi lórí rẹ̀ kò ní ju $200 lọ, torí ṣíà 100 ló wà nínú kọ́ńtíráàtì kan."

Ohun tó sábà ń ba ìbéèrè jẹ́ ni fọ́ọ̀mù àtijọ́ tí o kọ fún alágbàtà, tó ṣì ń sọ pé ìpamọ́ owó nìkan lo ń wá. Tí èrò rẹ bá ti yí padà lóòótọ́, tún un kọ kí o tó fi lẹ́tà ránṣẹ́.