Àdúrà Jésù àti òòyì

"Tí mo bá ń gba àdúrà Jésù pẹ̀lú èémí kí àyà mi má baà máa já, òòyì ló ń kọ́ mi. Kí ló fà á?"

Atẹ́gùn tí ẹ ń fà ló pọ̀ jù. Àdúrà yẹn, "Jésù Kristi Olúwa, Ọmọ Ọlọ́run, ṣàánú fún mi, ẹlẹ́ṣẹ̀", gùn, ẹ sì ń na èémí kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé.

Ẹ gé e kúrú. Ẹ fi imú mí sínú jẹ́jẹ́, kí ẹ sọ "Jésù Olúwa" nínú ọkàn. Bí ẹ bá ń mí síta, "ṣàánú fún mi". Kí mímí síta pẹ́ díẹ̀ ju mímí sínú lọ, bí ẹni ka 3 wọlé, tó ka 5 jáde. Ibẹ̀ gan-an ni àyà ti ń rọlẹ̀.

Bí òòyì bá tún dé, ẹ fi èémí sílẹ̀ kó máa lọ bó ṣe fẹ́, kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan lọ. Tó bá ń kọ́ yín láìgbàdúrà, ẹ rí dókítà o.